'Ẹ kú àná' nìkan ò tó: Ohun tó yẹ kó wà nínú ímeèlì ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìpàdé òwò

Ọmọ Yorùbá kì í jẹ oore àná kó má dúpẹ́ lónìí. Ẹni tí wọ́n gbà lálejò lánàá, tó bá tún pàdé ẹni tó gbà á lálejò, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni 'ẹ kú àná o'. Àwọn àgbà tiẹ̀ sọ ọ́ délẹ̀ pé ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bíi kí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àṣà yìí làwọn oníṣòwò kéékèèké kan ti gbé lọ sórí ímeèlì. Tí wọ́n bá ti bá oníbàárà tuntun ṣèpàdé tán, wọ́n á fi lẹ́tà kékeré ránṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí òwò náà so èso rere, ó parí síbẹ̀.

Ohun tó dáa ni, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdúpẹ́ lásán kì í rántí iye tí wọ́n jọ ní àwọn máa san, kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n ní ọjà máa dé, kì í sì í rántí ẹni tó ní òun máa ṣe kinní kan. Ímeèlì tó máa ṣe oníṣòwò láǹfààní lẹ́yìn ìpàdé ni èyí tó dúpẹ́ ní ìlà kan, tó wá fi ìyókù to gbogbo ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí: ta ló máa ṣe kí ni, ọjọ́ wo ló sì máa ṣe é. Ẹni tó bá ń kọ ọ̀kan tó ń fi ìkejì sílẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé.

Ìdí ẹ̀ ò le. Èèyàn méjì lè jókòó ní yàrá kan, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n sì bá àdéhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde. Kì í ṣe pé ẹnì kankan ń purọ́. Ẹni tó ń tajà ló gbọ́ pé 'a máa san owó àsansílẹ̀ dáadáa', ó sì ti ń ro ìdá 60 nínú 100 lọ́kàn. Ẹni tó ń rajà ló sọ bẹ́ẹ̀, ìdajì owó ló sì wà lọ́kàn tiẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n bọra wọn lọ́wọ́, wọ́n túká. Ìgbà tí ọjọ́ owó bá pé ni wọ́n máa tó mọ̀ pé àwọn ò sọ ohun kan náà, nígbà yẹn, télọ̀ ti lè ra aṣọ, káfíńtà sì ti lè gé pákó.

Àpẹẹrẹ kan: télọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé èèyàn dáadáa, àpẹẹrẹ télọ̀ ló máa rọrùn jù. Ká ní obìnrin kan wà l'Abẹ́òkúta tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló ní, ó sì ní àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ṣàgámù pè é pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí aṣọ táwọn ọmọ máa wọ̀ ní sáà tuntun. Ìpàdé náà wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7, oṣù Keje. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, akáǹtáǹtì wọn náà wà níbẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ohun tó wà nínú ìwé tí télọ̀ náà ń kọ nǹkan sí nígbà tó jáde rèé: aṣọ ọmọ 240 ni wọ́n fẹ́, ọmọkùnrin 120, ọmọbìnrin 120. Naira 9,500 ni ẹyọ kan, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé fún ọmọkùnrin, bùláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọbìnrin. Ìyẹn jẹ́ naira 2,280,000. Télọ̀ ló máa ra aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì. Ilé ẹ̀kọ́ ló máa pèsè báàjì tí wọ́n máa rán mọ́ àpò. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àwọn tíṣà, àmọ́ ohun tí ọ̀gá àgbà sọ ni pé 'a ó rí i'.

Tí télọ̀ náà bá dé ilé tó kàn kọ ọ́ pé 'Ẹ ṣeun fún ìpàdé òní, inú mi dùn láti bá yín ṣiṣẹ́', kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kò sì sí ohun tó wúlò níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n èdè yòówù tí oníbàárà náà ń kà dáadáa ni kí wọ́n fi kọ ọ́.

Subject: Aṣọ ọmọ 240: ohun tá a fẹnu kò lé lórí ní ọjọ́ 7, oṣù Keje

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà wa, mà, àti Ọ̀gá Akáǹtáǹtì, sà,

Ẹ kú àná o. Mo dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan fún mi, ẹ tún mú mi dé kíláàsì kí n lè rí bí aṣọ àtijọ́ ṣe ń ya lábẹ́ apá. Mo máa fi okùn méjì rán ibẹ̀.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí nìyí:
1. Aṣọ 240, ọkùnrin 120, obìnrin 120, naira 9,500 lẹ́yọ kan. Àpapọ̀ owó jẹ́ naira 2,280,000. Aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì wà nínú owó yìí. Báàjì ò sí nínú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa pèsè ẹ̀.
2. Ọ̀gá Àgbà máa fi orúkọ àti ìwọ̀n àwọn ọmọ ránṣẹ́ títí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, oṣù Keje.
3. Èmi máa gbé sáńpù méjì wá, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17, oṣù Keje.
4. Ọ̀gá Àgbà máa sọ bóyá sáńpù náà tẹ́ ẹ lọ́rùn títí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, oṣù Keje.
5. Ọ̀gá Akáǹtáǹtì máa san owó àsansílẹ̀, ìdá 60, ìyẹn naira 1,368,000, títí Ọjọ́rú, ọjọ́ 22, oṣù Keje.
6. Èmi máa kó aṣọ 120 àkọ́kọ́ wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, màá kó 120 tó kù wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án.
7. Ọ̀gá Akáǹtáǹtì máa san naira 912,000 tó kù títí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tá ò tíì parí ọ̀rọ̀ lé lórí:
– Aṣọ àwọn tíṣà. Ẹ ní ẹ máa rò ó wò.
– Tí owó àsansílẹ̀ bá pẹ́, ṣé kí ọjọ́ tí aṣọ máa dé náà sún síwájú ní iye ọjọ́ kan náà? A ò sọ ọ́ lánàá. Mo dábàá pé kó rí bẹ́ẹ̀.
– Ta ló máa san owó àtúnṣe tí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fún mi bá yàtọ̀ sí ti ọmọ?

Tí mo bá gbọ́ nǹkan kan ṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe fún mi. Tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fèsì pé 'ó rí bẹ́ẹ̀', kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ.

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lórí fóònù máa kà á tán kó tó mu omi tán.

Kí ló wà nínú lẹ́tà náà?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò ni ìdúpẹ́ ẹ̀. Ìlà díẹ̀ ni, ó sì ní ohun pàtó nínú: wọ́n mú un wọ kíláàsì, ó rí ibi tí aṣọ ti ń ya. Ìyẹn ló jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ń fetí sílẹ̀. Ìdúpẹ́ tó gùn tó ojú ewé kan, tó kún fún àdúrà, ó máa ń bo iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí wọ́n bá rí i pé àdúrà ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, wọn ò ní dé ibi tí nọ́ńbà wà.

Ìkejì ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní èèyàn kan, iṣẹ́ kan, ọjọ́ kan. Kò kọ ọ́ pé 'ilé ẹ̀kọ́ máa san owó', nítorí ilé ẹ̀kọ́ kì í lọ sí báǹkì. Akáǹtáǹtì ló ń lọ. Kò kọ ọ́ pé 'láìpẹ́' tàbí 'tó bá ti ṣeé ṣe', ó kọ ọjọ́ pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ náà nínú ọ̀sẹ̀. Èyí dà bí ohun kékeré, àmọ́ tí nọ́ńbà ọjọ́ àti orúkọ ọjọ́ ò bá bára mu, ẹni tó ń kà á máa tètè rí i pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ 'ọjọ́ 14' nìkan tó ń ro oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹnìkejì ń ro oṣù Keje, kò sí ohun tó máa ta wọ́n lólobó.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì. Télọ̀ náà ya ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọn ò tíì parí. Ọ̀rọ̀ aṣọ tíṣà dùn mọ́ ọn, tó bá sì jẹ́ olójúkòkòrò, ì bá ti kọ ọ́ mọ́ nọ́ńbà 8 pé 'aṣọ tíṣà náà máa tẹ̀ lé e'. Àmọ́ 'a ó rí i' kì í ṣe 'a gbà'. Oníbàárà tó bá rí i tí wọ́n kọ ohun tí kò gbà mọ́ ohun tó gbà, kò ní fọkàn tán ìlà méje tó kù mọ́. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ máa ti nǹkan sí òun lọ́wọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó tó bá pẹ́. Ó mọ́gbọ́n dání pé tí owó ò bá wọlé ní ọjọ́ 22, aṣọ ò lè dé ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ. Télọ̀ yòówù mọ èyí. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ níbi ìpàdé, nítorí náà kò gbé e sáàárín ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, ó gbé e kalẹ̀ bí ìbéèrè, ó sì sọ èrò tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ímeèlì yìí kì í ṣe ibi téèyàn ti ń fi ọgbọ́n gba ohun tó gbàgbé láti béèrè.

Ìgbà tí èsì dé

Ohun tó fi hàn pé lẹ́tà náà ṣiṣẹ́ ni pé èsì tó dé kì í ṣe 'ó rí bẹ́ẹ̀'. Ká ní akáǹtáǹtì fèsì ní ọ̀sán ọjọ́ kejì pé: 'Ẹ ṣeun, mà. Gbogbo ẹ̀ pé, àyàfi nọ́ńbà 5. Ìdajì owó ni mo sọ, kì í ṣe ìdá 60.'

Àwọn kan á sọ pé wàhálà ni lẹ́tà náà dá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wàhálà náà ti wà nílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kúrò níbi ìpàdé, lẹ́tà náà kàn gbé e jáde nígbà tí kò tíì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Ìdajì naira 2,280,000 jẹ́ naira 1,140,000. Ká ní aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì tí télọ̀ náà máa rà jẹ́ naira 1,250,000. Tó bá jẹ́ ìdá 60 ni wọ́n san, owó náà ká ọjà rírà, ó tún ṣẹ́kù naira 118,000 tó lè fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ ìdajì ni, naira 110,000 ló ń dín. Ó lè sọ pé òun máa kọ́kọ́ ra aṣọ ìdajì, kí òun tó padà lọ ra ìyókù tí owó bá dé. Télọ̀ tó bá ti ṣe aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rí máa mi orí sí èyí, nítorí aṣọ tí wọ́n pa láró lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu bí wọ́n tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Búlúù ti oṣù Keje àti búlúù ti oṣù Kẹjọ lè yàtọ̀ díẹ̀, tọ́mọ méjì bá sì dúró lórí ìlà, gbogbo òbí ló máa rí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ra gbogbo aṣọ náà.

Nítorí náà, ó pe akáǹtáǹtì lórí fóònù, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí fún un. Wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n wá fi ìdá 55 parí ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ naira 1,254,000, ó ká ọjà rírà, ó sì ṣẹ́kù naira 4,000. Owó tó máa gbà lẹ́yìn wá di naira 1,026,000 dípò 912,000.

Iṣẹ́ ò tíì parí. Ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù náà gbọ́dọ̀ padà sórí ímeèlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ṣì ni ìdá 60 àti àtakò akáǹtáǹtì. Ó tẹ Reply all lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun, kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wà lójú kan. Ìlà mẹ́ta ló kọ: 'Ẹ ṣeun, sà, fún ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí fóònù lónìí. Nọ́ńbà 5 ti di ìdá 55, naira 1,254,000, ọjọ́ ò yí padà. Nọ́ńbà 7 ti di naira 1,026,000. Ìyókù wà bó ṣe wà.' Akáǹtáǹtì fèsì pé 'ó rí bẹ́ẹ̀'. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó parí.

Tí lẹ́tà yìí ò bá sí ńkọ́? Ọjọ́ 22, oṣù Keje ni owó máa wọlé, naira 1,140,000. Nígbà yẹn, sáńpù ti lọ, wọ́n ti gbà á, ó ṣeé ṣe kí télọ̀ ti ní kí alášọ bá òun tọ́jú róòlù. Ó máa sáré yá owó, tàbí kó lọ bá akáǹtáǹtì jà. Tó bá sì jà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu akáǹtáǹtì nìkan ni ọ̀gá àgbà máa gbọ́. Ẹni tó ń gbé owó jáde ni wọ́n sì máa ń gbà gbọ́.

Tí wọn ò bá fèsì ńkọ́?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé 'tí ẹ kò bá fèsì láàárín ọjọ́ méjì, a gbà pé ẹ ti fara mọ́ ọn'. Wọ́n rò pé àwọn ti de oníbàárà mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1862, àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì títí dòní, nítorí ará òfin Gẹ̀ẹ́sì lòfin àdéhùn ilẹ̀ yìí ti wá. Felthouse àti Bindley ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà sí i pé tí òun ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, òun gbà pé ẹṣin náà ti di tòun ní pọ́n-ùn 30 àti ṣílè 15. Ọmọ náà ò fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn láti tà á fún un, ó tiẹ̀ sọ fún ẹni tó ń bá a ta ẹran ọ̀sìn ní gbàǹjo pé kó yọ ẹṣin náà sẹ́yìn. Onígbàǹjo gbàgbé, ó tà á. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó pàdánù. Ilé ẹjọ́ ní ẹnì kan ò lè fi dandan sọ ìdákẹ́jẹ́ ẹlòmíì di 'bẹ́ẹ̀ ni'.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ télọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá, ohun tí wọ́n ti jọ gbà ló ń rán wọn létí. Lẹ́tà tí wọ́n rí gbà, tí wọn ò sì ta kò, lè ràn án lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ìdánilójú. Ẹni tó bá gbọ́n kò ní fi naira 1,250,000 tẹ́ orí ìdákẹ́jẹ́ oníbàárà.

Ohun tó dáa jù ni kó béèrè fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'ó rí bẹ́ẹ̀', tó rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dí. Tí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò rí èsì, kó pè wọ́n lórí fóònù, kó béèrè bóyá lẹ́tà dé, nítorí ó lè ti bọ́ sí Spam. Tí wọ́n bá sọ lẹ́nu pé gbogbo ẹ̀ pé, kó tún fi ìlà kan ránṣẹ́ pé 'ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi lónìí pé gbogbo ẹ̀ pé'. Títí ìgbà tí èsì bá dé tàbí tí owó àsansílẹ̀ bá wọlé, kó má ra ohun tí kò lè tà fún ẹlòmíì. Sáńpù méjì lè kú sí i lọ́wọ́ láìpa á lára. Yáàdì aṣọ 600 ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó bá fẹ́ mọ̀, Òfin Ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 84, fàyè gbà á pé kí ilé ẹjọ́ gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, tí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà: wọ́n máa fẹ́ ẹ̀rí pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń fi í ṣe déédéé, àti ìwé ẹ̀rí tẹ́nì kan buwọ́ lù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí oníṣòwò pa lẹ́tà náà rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Fọ́tò ò ní ọjọ́ àti àdírẹ́sì tó wà lára lẹ́tà gangan. Kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Ìgbà wo, ibo?

Lẹ́tà yìí máa ń yára bàjẹ́ bí ẹ̀bà àná. Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé tàbí kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àkókò ẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ahọ́n gbogbo wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣàtúnṣe máa mọ ohun tó ń tún ṣe. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, èrò tó máa wá sọ́kàn oníbàárà ni pé ó lọ jókòó, ó lọ wá bó ṣe máa yí ọ̀rọ̀ padà. Gbogbo ẹni tí wọ́n dárúkọ ẹ̀ nínú iṣẹ́ ló yẹ kó rí i gbà, ní To tàbí Cc. Ohun tó máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà nìkan, kí akáǹtáǹtì tó máa san owó má rí i.

Àwọn kan á ní Wasáàpù làwọn oníbàárà tiwọn ń lò. Tí oníbàárà ò bá ní ímeèlì tó ń ṣí déédéé, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, àmọ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ, kì í ṣe ohùn. Kò sẹ́ni tó máa padà gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin nítorí kó lè rí iye owó. Ibi tí ímeèlì ti borí ni pé iléeṣẹ́ ló sábà máa ń ni àdírẹ́sì náà, bí akáǹtáǹtì bá tiẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ lè rí ohun tí wọ́n sọ. Ohun tó wà lórí Wasáàpù máa ń bá fóònù onífóònù lọ ni.

Àwọn àgbà oníṣòwò míì á tún ní bíi pé èèyàn ò fọkàn tán oníbàárà ẹ̀ ni kó máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ báyìí. Ìlà tó sọ pé 'tí mo bá gbọ́ nǹkan kan ṣì, ẹ tún un ṣe fún mi' ló dáhùn èyí. Etí tiẹ̀ ni télọ̀ náà ń fura sí, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó bá sì bínú pé wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀, ó dáa kí oníṣòwò ti mọ̀ ọ́n ní oṣù Keje, kó tó ra aṣọ.

Kí oníṣòwò tó ní ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí ṣí ìwé sọ́wọ́ níbẹ̀, kó pín ojú ewé sí méjì, ohun tí wọ́n gbà lápá kan, ohun tí wọ́n ní àwọn ó rò wò lápá kejì. Kó tó dìde, kó ka apá àkọ́kọ́ sókè fún wọn. Lẹ́tà ti kọ ara ẹ̀ tán nìyẹn, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kó tó sùn.